Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí àmì ìràwọ̀ bá yọjú nínú ọ̀rọ̀ oníbàárà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí kọ̀ǹpútà ló mọ Mákídáùn, ìlànà tí a fi ń fi àmì ṣètò ọ̀rọ̀, dáadáa. Ẹ fi ìràwọ̀ méjì síwájú ọ̀rọ̀ àti méjì sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á dúdú. Ẹ fi # àti àlàfo kan ṣíwájú ìlà, ìlà náà á di àkọlé. Lójú tiyín, gbogbo rẹ̀ ń jáde bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹ ti ń kọ ọ́ kọ́ ni oníbàárà ti ń kà á. Bí èsì yín bá gba SMS kọjá, tàbí ímeèlì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kò sí ohun tó máa yí àwọn àmì yẹn padà lọ́nà. Bí ẹ ṣe tẹ̀ wọ́n ni wọ́n á ṣe dé. Ẹ ò sí níbẹ̀ láti rí i. Ohun tó máa ń tú u fó ni èsì tí oníbàárà bá kọ padà, ibẹ̀ gan-an la sì ti máa ń ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká wo oníbàárà kan tó fẹ́ wọ inú ráútà rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i nìyí:

```
## Bí ẹ ó ṣe wọlé
1. Ẹ tẹ **Wireless**
2. Pásíwọ̀ọ̀dù ìbẹ̀rẹ̀ ni **admin77**
```

Ó fèsì pé: “Ẹ ṣeun o. Mo ti tẹ `**admin77**` bí ẹ ṣe kọ ọ́, ó ní kò tọ̀nà.”

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ojú fo àwọn ìràwọ̀ yẹn, kí ẹ sì sọ fún un pé kó tún un gbìyànjú, tàbí kó wò ó bóyá lẹ́tà ńlá ló fi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó rí lójú fóònù rẹ̀ ló tẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin pẹ̀lú. Àmì 11 ló wọ inú àpótí pásíwọ̀ọ̀dù tó yẹ kó gba 7. Bó bá gbìyànjú rẹ̀ títí di alẹ́, kò ní ṣí, àpótí náà sì lè má jẹ́ kó rí ohun tó ń tẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ rárá: ẹni tí kò mọ Mákídáùn kò ní bí yóò ṣe mọ̀ pé àwọn ìràwọ̀ náà kò sí lára pásíwọ̀ọ̀dù.

Àwọn kan á rò pé oníbàárà ló fi ìràwọ̀ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo ibi tí ìràwọ̀ náà dúró sí kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín fi ìràwọ̀ sí ló dá padà, tí iye ìràwọ̀ náà sì bára mu, ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ìbéèrè ló tún máa ń fi hàn jù: “Èwo ni ##?” tàbí “Mi ò rí `**Wireless**`, Wireless nìkan ni mo rí.” Ẹni tó bá béèrè irú èyí ti sọ gbogbo ohun tó wà lójú fóònù rẹ̀ fún yín.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Àwọn áàpù kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣe kọ́pì èsì, ọ̀rọ̀ tó sì wà lábẹ́, pẹ̀lú àwọn àmì rẹ̀, ni bọ́tìnnì náà máa ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú áàpù náà mọ́ tónítóní. Nítorí náà, bí oníbàárà bá lẹ odindi èsì yín padà láìyọ nǹkan kan, ẹ̀rí yẹn kò tó. Ọ̀rọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ tàbí ìbéèrè tó béèrè lágbára jù ú lọ.

Àṣìṣe òdìkejì ni kí ẹ máa rí Mákídáùn níbi gbogbo. Ìràwọ̀ àti # ní iṣẹ́ tiwọn láyé. 5*3 jẹ́ ìṣirò. # tó wà níwájú ìlà nínú kóòdù Python jẹ́ àlàyé tí kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ lé lórí. # tó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ láìsí àlàfo kì í ṣe àkọlé ní ìlànà CommonMark. Kóòdù tí a ń tẹ̀ lórí fóònù sì ní méjèèjì nínú:

```
*123*1#
```

Kóòdù yìí tilẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Níbi tí Mákídáùn bá ti ń ṣiṣẹ́, ìràwọ̀ méjèèjì á pòórá, 123 á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí oníbàárà á sì rí ni 1231#. Bó bá wá kọ̀wé pé òun tẹ 1231# tí kò lọ, ẹ̀rí nìyẹn pé wọ́n ń yí àwọn àmì padà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìràwọ̀ tó sọnù ń jẹ́rìí bí èyí tó ṣẹ́kù.

Kí ẹ tó dá ọ̀nà tí èsì gbà lẹ́bi, ẹ wo ọwọ́ ara yín náà. Bí ẹ bá kọ `** Wireless**`, tí àlàfo wà lẹ́yìn ìràwọ̀ tó ṣíwájú, kò ní dúdú níbi tí gbogbo nǹkan ti ń ṣiṣẹ́ pàápàá. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni oníbàárà ti rí ìràwọ̀, tí àwọn ìyókù sì dúdú, àṣìtẹ̀ nìyẹn. Bákan náà ni WhatsApp: ìràwọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìlànà tirẹ̀ fún lẹ́tà dúdú, kì í ṣe méjì.

Bí ó bá wá dá yín lójú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Mákídáùn fún oníbàárà. Ráútà ló gbé wá. Ẹ má sì yọ ìràwọ̀ kúrò nínú èsì kan kí ẹ tún dá a padà sínú èyí tó tẹ̀ lé e, torí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Láti ìgbà yẹn títí ọ̀rọ̀ náà á fi parí, ọ̀rọ̀ lásán ni kí ẹ máa kọ. Tábìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ sá fún, nítorí àmì | àti dáàṣì inú rẹ̀ ló máa ń dàrú jù lójú fóònù. John Gruber, tó gbé Mákídáùn jáde ní 2004, fẹ́ kó ṣeé kà bó ṣe wà, nọ́ńbà 1 àti 2 sì ṣeé kà bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí oníbàárà máa tẹ̀ gan-an ni kí ẹ fún ní ìlà tirẹ̀, láìfi àmì kankan kàn án:

```
Ẹ má bínú, àwọn ìràwọ̀ yẹn kò sí lára rẹ̀.
Pásíwọ̀ọ̀dù náà nìyí, lẹ́tà 5 àti nọ́ńbà 2:

admin77

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Wireless sí.
```

Iye lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ wúlò gan-an. Bí ohunkóhun bá tún lẹ̀ mọ́ pásíwọ̀ọ̀dù náà lọ́nà, oníbàárà fúnra rẹ̀ á kà á, á sì rí i pé ó ti lé.