Ìka ọmọ mi ló ń rajà lórí fóònù mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbá géèmù ọ̀fẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, káàdì mi sì wà lórí fóònù náà. Ìparí oṣù ni mo tó jókòó wo àkáǹtì mi, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti yọwó! Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́, kò sí èyí tó tó kéèyàn pariwo lé lórí, ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n fura. Láàárín wákàtí 48 ló rọrùn jù láti ní kí Google Play dá owó padà, èmi sì ti fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá ẹ̀.

Mo pè é, mo ní kó fi bó ṣe ń rà á hàn mí. Mọ́tò tó wù ú, òkúta iyebíye 120 ni wọ́n ń tà á, àmọ́ owó gidi lèèyàn fi ń ra òkúta yẹn, ìdì 100 tàbí ìdì 500 ni wọ́n sì ń tà á, kò sí 120 níbẹ̀. Tó o bá ra 100 lẹ́ẹ̀mejì, 80 á ṣẹ́kù, 80 yẹn ò sì tó ra nǹkan kan, lo bá tún padà lọ rà sí i. Lójú ọmọ, òkúta ló ń ná, kì í ṣe owó bàbá ẹ̀. Mi ò lè bá a jà.

Mo wọ Google Play, mo tẹ fọ́tò mi lókè, mo lọ sí `Settings`, mo tẹ `Purchase verification`, mo sì rí i pé `Every 30 minutes` ló wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí mo bá tẹ pásíwọ́ọ̀dù ra nǹkan kan ṣoṣo, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, ẹni tó bá mú fóònù lè máa rà á lọ. Mo yí i sí `Always`, mo bá ń yangàn fún ìyá ẹ̀ pé ó ti parí.

Ọjọ́ kejì, alẹ́ẹ̀tì tún wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ odindi ló bá a lọ. Mo pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, ó tún rà á níwájú mi. Mo yọ géèmù náà kúrò, mo tún un gbé sórí fóònù, pàbó. Mo tiẹ̀ rò pé wọ́n ti jí àkáǹtì mi. Mo ní kó tún ṣe é díẹ̀díẹ̀ kí n máa wò ó, ọmọ yìí ò tẹ pásíwọ́ọ̀dù kankan, àtàǹpàkò ẹ̀ ló kàn gbé lé ibi tí wọ́n ti ń fi ìka ṣí fóònù! Èmi fúnra mi ni mo forúkọ ìka ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá kó má baà máa jí mi láàárọ̀ pé kí n bá òun ṣí i. Ìka tó bá ti lè ṣí fóònù, òun náà ló ń fọwọ́ sí ọjà. Abẹ́ `Purchase verification` kan náà ni mo ti pa fífi ìka rajà, pásíwọ́ọ̀dù nìkan ló kù. Àwọn tó ń lo iPhone, inú `Screen Time` ni tiyín wà, ẹ wọ `Content & Privacy Restrictions`, ẹ tẹ `iTunes & App Store Purchases`, kẹ́ ẹ sọ `In-app Purchases` di `Don't Allow`.

Ó ku géèmù tó máa gbá. Mò ń wo ìtòsí `Install` bóyá wọ́n kọ `In-app purchases` síbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ò tó, torí ẹni tó ń gbowó lẹ́ẹ̀kan péré láti mú ìpolówó kúrò àti ẹni tó ń ta òkúta, nǹkan kan náà ni wọ́n kọ fún wọn. Ẹ tẹ `About this game`, kẹ́ ẹ wo iye tí wọ́n ń ta nǹkan inú ẹ̀. Tí iye tó ga jù bá fi ọgọ́rùn-ún ìlọ́po ju èyí tó kéré jù lọ, ẹ sá.

SuperTuxKart ni mo mú. Eré ìje ọkọ̀ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe é, kò sí ìpolówó, kò sí nǹkan tí wọ́n ń tà nínú ẹ̀, téèyàn bá fẹ́ ọ̀nà tuntun, àfi kó borí ìdíje. Kò dán bí ti tẹ́lẹ̀, ó ṣòroó darí lórí ojú fóònù, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò sì sí níbẹ̀. Ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lánàá ló sáré wá bá mi: "Dádì, mo ti ṣí ọ̀nà tuntun!"

"Èló?" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú.

Ó wò mí bíi pé mo ti ń ya wèrè. "Dádì, mo borí ni."