Ẹ jẹ́ kí Distribute bá yín pín àlàfo àárín fọ́tò

Ẹ̀yin tí ẹ ń to fọ́tò sórí PowerPoint, ẹ má fi ojú wọn àlàfo mọ́. Ẹ gbé fọ́tò àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn síbi tí ẹ fẹ́, ẹ yan gbogbo wọn, ẹ ṣí Home > Arrange > Align. Ẹ rí i pé Align Selected Objects ló ní àmì, kí ẹ tẹ Align Top, lẹ́yìn náà Distribute Horizontally. Distribute Horizontally kò ní sún fọ́tò méjì tó wà létí. Àwọn ti àárín nìkan ni yóò sún. Bí fọ́tò márùn-ún tó fẹ̀ ní íǹṣì 2 bá wà láàárín íǹṣì 12, íǹṣì 2 ló ṣẹ́ kù fún àlàfo mẹ́rin, ìyẹn íǹṣì 0.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ Align to Slide ló ní àmì, gbogbo ìbú síláìdì ló máa lò, àwọn ti etí náà á sì ṣípò. Ohun kan rèé o: etí fọ́tò ló ń wọ̀n. Lógò tí àyè òfìfo yí ká yóò ṣì dà bí ẹni pé ó jìnnà sí èkejì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi Crop gé àyè yẹn kúrò.