Àṣìṣe tó ń mú kí àyà túbọ̀ já wa ká tó wọlé ìntáfíù

"Fọkàn balẹ̀, mí kanlẹ̀." Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún ẹni tó ń lọ sí ìntáfíù nìyẹn. Bí a kò bá ṣe é bó ṣe yẹ, ìmọ̀ràn méjèèjì lè dá kún ìṣòro.

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan láti Ìkọ̀lé, tó ní ìntáfíù iṣẹ́ olùkọ́ l'Ádó-Èkìtì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fa èémí ńlá-ńlá léraléra. Kò pẹ́, òòyì ń kọ́ ọ, ètè àti orí ìka rẹ̀ ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, àyà rẹ̀ sì há. Ó rò pé ẹ̀rù ló le sí i. Mímí yẹn gan-an ló fà á. Èémí ńlá tó ń yára máa ń lé kábọ́nì dàyọ́sáìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á sì fún. Bó ṣe ń mí sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa burú sí i.

Èémí tó ń jáde ló ń mú kí ọkàn rọra lù, òun ni kó gùn. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ fi imú fa èémí wọlé bí ẹ ti ń ka oókan dé ẹẹ́rin, kí ikùn wú, kí èjìká má gbéra. Ẹ wá tú u síta bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná inú ṣíbí, títí ẹ ó fi ka ẹẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló máa ń jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó. Bí ó bá ṣe yín bíi pé afẹ́fẹ́ kò tó, ẹ dín in kù sí ẹẹ́ta àti ẹẹ́rin. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dá a dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ ìntáfíù jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó dán an wò: ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ ti máa ṣe é lálaalẹ́, ọwọ́ kan lórí àyà, èkejì lórí ikùn. Ọwọ́ orí ikùn ló yẹ kó máa gbéra.

Àṣìṣe kejì ni pé a ń fipá mú ara pé kó rọlẹ̀. Ọkàn tó ń lù nítorí ẹ̀rù àti èyí tó ń lù nítorí ìháragàgà, ìlù kan náà ni wọ́n ń lù. Ní 2014, Alison Wood Brooks ti Yunifásítì Hárífáàdì tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sọ fún ara wọn pé ara àwọn yá gágá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn sọ ọ́ dáadáa ju àwọn tó ní ọkàn àwọn balẹ̀ lọ. Yorùbá ti ní gbólóhùn náà tẹ́lẹ̀: "Ara mi ti yá." Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kí ẹ sì so ó mọ́ ohun kan pàtó: "Ara mi ti yá láti sọ bí mo ṣe fi ọsàn kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìdá." Kò ní kí àyà má lù o, kò sì lè rọ́pò ìmúrasílẹ̀.

Níbi ìmúrasílẹ̀ ni a ti ń há ìdáhùn sórí lódindi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá jábọ́, gbogbo rẹ̀ dàrú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ sórí káàdì fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, fún ti òkè yìí, "ìdá, ọsàn, ìdánwò." Ẹ dìde dúró, kí ẹ dáhùn rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹnu yín sì gbé e gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má jẹ gbànja láàárọ̀ ọjọ́ náà. Káfíìnì inú rẹ̀ ń mú ọkàn sáré. Iyán àjẹyó náà kò yẹ. Ẹ̀kọ àti àkàrà díẹ̀ tó. Ẹ má ra oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù ní kẹ́mííìsì láìrí dókítà, ó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée.

Kí fáìlì ti wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: ojúlówó ìwé ẹ̀rí, ẹ̀dà wọn, ti àgùnbánirọ̀ àti ti TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi mọ́tò tí kò tíì kún dá àkókò: bí ìntáfíù bá jẹ́ aago mẹ́wàá bíi ti olùkọ́ yẹn, ẹ gbìyànjú kí ẹ ti dé Fájuyì l'Ádó ní aago mẹ́sàn-án, kí ẹ sì wà níbi ìntáfíù ní mẹ́sàn-án àbọ̀. Ẹni tó débẹ̀ ní aago méje yóò fi wákàtí mẹ́ta gbọ́ ìtàn ìbéèrè tó le lẹ́nu àwọn yòókù.

Tí wọ́n bá pe orúkọ yín, ẹ tú èémí gígùn kan síta kí ẹ tó dìde. Tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ tún tú òmíràn kí ẹ tó lanu. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì kò jọ àìmọ̀ lójú ẹnikẹ́ni.