Ikọ́ Àhúbì Lára Ìkókó: Abẹ́rẹ́ Wo Lẹ Gbà Nínú Oyún?

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn aboyún àti ará ilé wọn ní Ìbàdàn

Ikú ìkókó ọlọ́sẹ̀ márùn-ún kan ní apá Apẹtẹ ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí. Ikọ́ àhúbì, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ líle, ló pa á. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe aláìbìkítà. Kò pa ọjọ́ kankan jẹ nígbà tó ń lọ gba ìtọ́jú aboyún, káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ fún wa pé, "Nọ́ọ̀sì, mo gba abẹ́rẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbà á." Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ síwájú ọjọ́ méjèèjì lórí káàdì náà ni Td.

Àṣìṣe tí à ń rí ṣáá nìyí. Td ń dáàbò bo ìyá àti ọmọ lọ́wọ́ àrùn ipá, tó ń mú kí ọmọ gan, àti lọ́wọ́ difitéríà tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Kò sí ti ikọ́ àhúbì nínú rẹ̀ rárá. Èyí tó ní ti ikọ́ àhúbì nínú ni Tdap. Ẹ gba Td yín, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ sọ pé ikọ́ àhúbì kò lè mú ọmọ yín. Ẹ mú káàdì yín báyìí, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ìyá là ń gún ni pé ọmọ kì í gba abẹ́rẹ́ ikọ́ àhúbì tirẹ̀ títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tíì tó o. Inú àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni àrùn yìí ń pa ọmọ jù. Tí ìyá bá ti gba Tdap, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn náà jà yóò gba inú ibi ọmọ wọ ara ọmọ kó tó wáyé.

Ọ̀sẹ̀ 27 sí ọ̀sẹ̀ 36 ni kẹ́ ẹ gbà á, ìyẹn láti nǹkan bí ìgbà tí oyún bá wọ oṣù keje. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ìdajì mílílítà, ní apá. Ẹ má dúró di ìparí, torí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí abẹ́rẹ́ náà tó ṣiṣẹ́ lára ìyá. Ẹni tó gbà á ní ọ̀sẹ̀ 38 tó sì bímọ ní ọ̀sẹ̀ 39, díẹ̀ ló máa dé ara ọmọ rẹ̀. Apá lè dun yín, ara sì lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Gbogbo oyún ló ní tirẹ̀: èyí tẹ́ ẹ gbà nígbà oyún Táíwò àti Kẹ́hìndé kò ní ṣiṣẹ́ fún Ìdòwú, torí agbára rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ lára yín.

Tdap kò sí lára abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún aboyún ní ilé ìlera ìjọba. Owó ara yín lẹ máa fi rà á, ní ilé ìwòsàn tó bá ní i. Ẹ ti máa bèèrè láti oṣù kẹfà. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ti ikọ́ àhúbì wà nínú èyí?" Inú fíríìjì ni kí wọ́n ti mú un jáde lójú yín. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún yín, torí ó lè dípò Td kan. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, kẹ́ ẹ tó san owó kánópì àti àga ìkómọ, ẹ san owó abẹ́rẹ́ yìí ná.

Ẹni tí kò bá rí i gbà, ààbò tó kù fún ọmọ rẹ̀ ni kí ẹni tó ń kọ́ má ṣe sún mọ́ ọn, ì báà jẹ́ ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn àgbà, a mọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tí à ń sọ yìí. Ìyá bàbá ọmọ náà ti ń kọ́ fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó wá síbi ìkómọ. Wọ́n ní ikọ́ òtútù ni, ó gbé ọmọ, ó wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa tó bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sín, imú rẹ̀ ń ṣomi, ara rẹ̀ kò gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ dé.

Ọmọ ńlá tó ní ikọ́ àhúbì á kọ́ títí èémí á fẹ́ẹ̀ẹ́ tán, á wá fa èémí wọlé pẹ̀lú ariwo gígùn. Ìkókó kì í sábà lágbára àtifa èémí yẹn, nítorí náà ẹ lè má gbọ́ ariwo kankan. Èyí tẹ́ ẹ máa rí ni pé á kọ́ tẹ̀ léra tẹ̀ léra láìmí sínú lẹ́ẹ̀kan. Ojú á pọ́n, á sì wá dúdú, ahọ́n á yọ síta, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń fà bí ewédú á jáde lẹ́nu, á bi ọmú tó mu, á wá rọ jọwọrọ. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ kọ́ rárá, wọ́n kàn máa ń dá mímí dúró ni. Ará ilé Apẹtẹ ń retí ariwo tí wọ́n mọ̀ lára àwọn ọmọ ńlá. Òru kan ni ọmọ dá mímí dúró. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, òtútù àyà ti bá a, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò sì ran án mọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ń kọ́ báyìí, ilé ìwòsàn tó lè dá ọmọ dúró ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bíi UCH tàbí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Ríńgì Róòdù. Tó bá dá mímí dúró, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ dúdú, tí gìrì mú un, tí kò lè mu ọmú mọ́, tàbí tí ọmọ tí kò tó oṣù méjì bá ń mí tó 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Tí ikọ́ náà bá gbé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìdí lọ, kẹ́ ẹ sì nu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má rọ epo pupa, àgbo tàbí oògùn ikọ́ olómi sí i lẹ́nu. Tí kò bá mí, ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kíkankíkan bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ. Tó bá bì tán, tó sì jí dáadáa, ẹ tún fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀.

Asitiromáísìn ni dókítà sábà máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n. Ẹ má lọ fúnra yín rà á ní kẹ́míìsì. Oògùn náà ń pa kòkòrò àrùn, kí ó má bàa ràn kálẹ̀ sí i, àmọ́ ikọ́ náà ṣì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ. Gbogbo ẹni tó ń bá ọmọ gbélé ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, torí àwọn náà lè nílò oògùn.

Abẹ́rẹ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Penta, ọ̀fẹ́ sì ni ní gbogbo ilé ìlera ìjọba: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Gbígbà tí ìyá gba Tdap kò fagi lé ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Catarrh lásán tàbí ikọ́ díẹ̀ kò sì tó ohun tẹ́ ẹ máa torí ẹ̀ sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ gbé ọmọ lọ, kí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wò ó.