Kí Ló Dé Tí Ẹyin Sísè Fi Ń Ya Mọ́ Wa Lọ́wọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo se ẹyin méjìlá tí mo fẹ́ fi sí mọ́ínmọ́ín. Mo kó wọn sínú omi tútù, mo gbé e kaná, mo lọ ń bó ẹ̀wà. Nígbà tí ó wá kan ẹyin, kò sí èèpo tó kúrò tí kò gé funfun dání. Mẹ́jọ nínú méjìlá rí jágajàga bí ohun tí eku jẹ.

Omi tútù yẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín èèpo àti funfun ẹyin. Bí omi bá ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ńṣe ni funfun á máa lẹ̀ mọ́ awọ náà bó ṣe ń jinná. Ṣùgbọ́n bí ẹyin bá bá omi tó ti ń hó, funfun á tètè dì kó tó ráyè lẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi hó ná, kí ẹ fi ṣíbí sọ ẹyin kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá dín iná kù kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn.

Ẹ má ṣe se ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé láàárọ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó bó dáadáa. Ẹ fi èyí dín. Èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ kan ló ń bó jù.

Ìgbà tí ẹyin wọ omi híhó ni kí ẹ ti máa ka ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìgbà tí ẹ tan iná. Ní ìṣẹ́jú 6, pupa ẹyin ṣì ń ṣàn. Ní 8, ó rọ̀ bí oyin tó ń dì. Ní 11, ó ti le dé inú. Bí ẹ bá gbé e láti inú fíríìjì, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un. Ẹ má fún aboyún tàbí ọmọdé ní èyí tó ń ṣàn o, kòkòrò àrùn lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì gbàgbé ẹyin sórí iná, pupa rẹ̀ á gbẹ, nǹkan bí àwọ̀ ewé á yí i ká, á sì máa rùn. Kò ní pa yín lára, àmọ́ adùn ti lọ.

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú omi gbígbóná lẹ́yìn tí ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, torí ó ṣì ń jinná lọ. Omi tútù ni kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí omi náà bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bó o, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ṣóńṣó. Ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà, ibẹ̀ ni àyè wà fún ìka. Ẹ là á níbẹ̀, ẹ yí i lórí tábìlì kí èèpo fọ́ káàkiri, kí ẹ wá bó o nínú omi. Bó bá jẹ́ èèpo nìkan ni ìka yín ń ká, tí awọ ṣì wà lára ẹyin, ẹ dúró. Ẹ wá ẹnu awọ yẹn, ẹ ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún se méjìlá báyìí. Mọ́kànlá jáde ní jọ̀lọ̀. Ọ̀kan tó kù, inú ìkòkò ló ti là, torí mo jù ú sínú omi láìlo ṣíbí.