Ríńgì tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ

Pílà mi jẹ́ mìlímítà 225 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí kọnkéré bo irin ní mìlímítà 25 yíká, nítorí náà ríńgì tó gbá àwọn irin gígùn mọ́ra gbọ́dọ̀ jẹ́ 175 láti ìta dé ìta. Àfi ìgbà tí mo gbé irin tí mo ti dì sínú pákó, tí àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ju 17 lọ!

Inú ríńgì ni mo ti wọn 175 yẹn. Mo gbàgbé pé irin ríńgì fúnra rẹ̀ nípọn tó 8 lápá ọ̀tún, 8 lápá òsì, ó wá di 191. Ó ṣe mí bíi kí n nà wọ́n kí n tún wọn tẹ̀, ṣùgbọ́n irin tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà lè sán. Mo gé tuntun, mo wọn inú ní 159, mo sì tẹ ẹnu méjèèjì wọnú ní dígírì 135. Tí ó bá jẹ́ 90, ẹnu lè ṣí nígbà tí ẹrù bá wúwo.

Nígbà tí mo ń dì í, ó tún ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá kan náà ni mo ń da gbogbo wáyà sí. Mo wá ń yí i padà láti ríńgì dé ríńgì, mo sì ń pín ẹnu ríńgì káàkiri igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dúró gbọin. Ìdí wáyà, inú ni mo tẹ gbogbo rẹ̀ sí, kí ìpẹtà má baà gba ibẹ̀ wọlé.