Wọn Ò Mú Ẹ Lẹ́yìn Intafíù? Bí A Ṣe Ń Béèrè Ohun Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó ń wá iṣẹ́ olùṣírò owó n'Íbàdàn. Ó dé iléeṣẹ́ kan ní àdúgbò Olúyọ̀lé, èèyàn mẹ́ta jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn, ó wọkọ̀ padà sí Mọ́kọ́lá. Nígbà tó yá, ímeèlì dé: «A dúpẹ́ pé ẹ wá. Ó dùn wá pé a ò ní lè gbà yín lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kájú òṣùwọ̀n ló wá.»

Ẹ má wo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọn ò mú, kò sí àlàyé kankan nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dá yín dúró ló ń sọ nǹkan. Bí wọn ò bá pè yín rárá, sífíì yín ni kí ẹ tún wò. Bí ẹ bá dé ìjókòó ìkẹyìn, tí wọ́n ti ń béèrè iye owó oṣù tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ mọ iṣẹ́, pé ẹlòmíì ló kàn fi díẹ̀ jù yín lọ, tàbí pé owó ni ò bára mu, tàbí pé wọ́n ti ní ẹnì kan nínú ilé tẹ́lẹ̀. Intafíù kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin tiwa yìí ṣe, nítorí náà ìdáhùn rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá rántí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fi dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dára jù kí ẹ ṣe é lọ́jọ́ intafíù gan-an, nítorí ọkàn máa ń tún ìtàn ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fàlà sábẹ́ ìbéèrè tí wọ́n tún bi yín lọ́nà mìíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdáhùn yín ò ti tẹ́ wọn lọ́rùn. Pé ìjókòó náà tètè parí kò fi dandan túmọ̀ sí nǹkan kan, bóyá èrò ló pọ̀ níta.

Wọ́n bi ọmọbìnrin náà pé ṣé ó ti rí àṣìṣe nínú ìwé owó rí. Ó ní, «A máa ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a sì máa ń ṣàtúnṣe.» Wọ́n tún bi í: «Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?» Ó tún fi «a» dáhùn. Ẹ̀kọ́ ilé ni, wọn ò tọ́ wa láti máa pariwo «èmi, èmi». Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ò lè san owó oṣù fún «a».

Ó wá kan lẹ́tà tí ẹ ó fi béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ fún inú yín ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ dáhùn lórí ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an, sí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má pè é lójijì, ẹ má sì rán bùọ̀dá tó mọ ọ̀gá wọn. Báyìí ni lẹ́tà ọmọbìnrin náà lọ:

«Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè, mo sì gba ìpinnu yín. Bí àyè bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè sọ ohun kan tí mo lè ṣe dáadáa sí i nígbà tí mo ń dáhùn ìbéèrè nípa àṣìṣe inú ìwé owó? Ìlà kan tàbí méjì ti tó. Bí òfin iléeṣẹ́ ò bá sì fàyè gbà á, ó yé mi. Ẹ ṣeun, mà.»

Ìbéèrè kan ni, ó sì ní ibi tó dojú kọ. Kò béèrè pé «kí ló dé tí ẹ ò fi mú mi», kò sì béèrè ta ni wọ́n mú. Iléeṣẹ́ máa ń bẹ̀rù irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, torí ó jọ ẹjọ́. Kò dọ̀bálẹ̀ nínú lẹ́tà, kò sọ ìṣòro ilé. Ẹ̀bẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ káàánú yín, kó sì pa á mọ́ra.

Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ká ní ìdáhùn dé: «Ẹ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n a ò mọ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe. Ẹni tí a mú sì ti lo irú ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò.» Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá ohun tó fàlà sí lábẹ́ mu, kó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ wo ìpolówó iṣẹ́ mìíràn bóyá wọ́n ń béèrè ètò yẹn. Bí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń lò ó, kò yẹ kó náwó lé e. Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ «ìrírí yín ò tó» lásán, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbora, ẹ má tún walẹ̀. Èyíówù kó jẹ́, ìlà kan ìdúpẹ́ ni kí ẹ fi dáhùn, láìṣe àwíjàre.

Ìdáhùn tí yóò gbé lọ sí intafíù tó kàn nìyí: «Nígbà tí mo fi ìwé báńkì wé ìwé owó wa, mo rí i pé wọ́n kọ ìnáwó náírà 45,000 kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá rìsíìtì rẹ̀ jáde, mo fi han ọ̀gá mi, mo sì ṣàtúnṣe rẹ̀ kí a tó ti ìwé oṣù náà.»